Afẹ́fẹ́ ni àbí omi? Ohun tó ń mú ẹ̀dọ̀fóró súnkì

Awọ fẹ́lẹ́ méjì ló wà nínú àyà: ọ̀kan bo ẹ̀dọ̀fóró, èkejì lẹ̀ mọ́ egungun ìhà. Omi díẹ̀ ló so wọ́n pọ̀, bí omi ti ń mú dígí méjì lẹ̀ mọ́ra. Ẹ̀dọ̀fóró dà bí rọ́bà tí a fà. Ìsopọ̀ yìí ni kò jẹ́ kí ó súnkì.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀dọ́mọkùnrin gíga, tínrín kan. Ó jókòó jẹ́ẹ́, nǹkan sì gún un ní ìhà lójijì, èémí rẹ̀ kúrú. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ló lu, afẹ́fẹ́ jò sáàárín awọ méjèèjì, ìsopọ̀ náà sì já. Ti ìyá kan tí ikọ́ ife ń ṣe yàtọ̀: omi ló ń rọra kóra jọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tó ń ti ẹ̀dọ̀fóró láti ìsàlẹ̀.

Bí dókítà bá gbé ẹ̀rọ létí, èémí kò ní dún dáadáa níbi tó ń dun àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n bó bá fi ìka kan ìhà wọn, ti ọ̀dọ́mọkùnrin náà yóò dún bí ìlù; ti ìyá náà yóò dún bí ìkòkò tí omi kún.

Omi a máa sọ̀ kalẹ̀, nítorí náà ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ni a sábà ti ń fà á. A kì í fa ju lítà kan àbọ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ̀dọ̀fóró tó yára ṣí má baà wú. Afẹ́fẹ́ ló léwu jù bí ó bá ń wọlé tí kò lè jáde: ó lè ti ọkàn sí ẹ̀gbẹ́, kí ó sì pa ènìyàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Dókítà kì í dúró de fọ́tò àyà nígbà náà.