Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ nínú síìfíì

"Òṣìṣẹ́ takuntakun ni mí, mo jáfáfá, mo sì ṣeé fọkàn tán." Ẹnikẹ́ni ló lè kọ èyí, ìdí nìyẹn tí kì í fi í wọ agbanisíṣẹ́ létí. Ẹ wo ti akọ̀wé owó kan:

"Mo ti tọ́jú ìwé owó ilé oògùn kan n'Ìbàdàn fún ọdún 4. Alaalẹ́ ni mo ń fi owó ọwọ́ wé rìsíìtì, mo sì ń fi àkọsílẹ̀ wa wé ti báńkì lóṣooṣù."

Kò yin ara rẹ̀ rárá, síbẹ̀ a rí i pé ó ṣeé fọkàn tán.

Ẹ yọ gbogbo ọ̀rọ̀ ìyìn kúrò nínú tiyín. Bí nǹkan kan ò bá ṣẹ́ kù, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ ṣe, ibi tẹ́ ẹ ti ṣe é àti iye ìgbà tẹ́ ẹ fi ṣe é. Àmọ́ iye tẹ́ ò bá ní lè ṣàlàyé nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹ má kọ ọ́.