Nọ́ọ̀sì mélòó ló yẹ ká bi, àwọn wo sì ni?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi kan tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì pè mí láti Ìkòròdú. Ó ń ṣèwádìí bí àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kan ṣe ń rí oorun sùn. Àárọ̀ ọjọ́ mẹ́ta ló fi pín ìwé ìbéèrè 150, ọ̀pọ̀ wọn sì ní àwọn ń sùn dáadáa. Olùkọ́ rẹ̀ dá iṣẹ́ náà padà: “Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ dà?”

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣebí 150 ni fọ́múlà ní kí n bi?”

Òótọ́ ni. Fọ́múlà Taro Yamane ló lò, èyí tó wà nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1967:

```
n = N / (1 + N × e²)
```

N ni iye gbogbo nọ́ọ̀sì, n ni iye àwọn tí a máa bi, e sì ni àṣìṣe tí a lè gbà, ìyẹn 0.05. Tí 60 nínú 100 àwọn tí a bi bá ní àwọn kì í sùn tó, a ó gbà pé iye gidi wà láàárín 55 sí 65.

Nọ́ọ̀sì 240 ló wà níbẹ̀. 240 lọ́nà 0.0025 jẹ́ 0.6. Fi 1 kún un, ó di 1.6. Fi 1.6 pín 240, ó di 150. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹni tó gba ìwé ló ń dá a padà. Tí 10 nínú 100 kò bá ní dá a padà, fi 0.9 pín 150: ìwé 167 ni ká pín.

Fọ́múlà kò sọ ẹni tí a máa bi, ṣùgbọ́n ó gbà pé gbogbo nọ́ọ̀sì ló ní àǹfààní kan náà. Ẹni tó ṣiṣẹ́ mọ́jú, tó ti lọ sùn nílé, kò ní in.

Nítorí náà, a gba orúkọ gbogbo wọn ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan. Nọ́ọ̀sì 48 ló wà ní wọ́ọ̀dù àwọn aboyún: 48 lọ́nà 167, fi 240 pín in, ó lé díẹ̀ ní 33, a mú 34. A kọ nọ́ńbà 1 dé 48 sórí bébà, a dà á sínú abọ́, a sì ṣẹ́ kèké mú 34. Bí kèké bá mú ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́, alẹ́ la ó lọ bá a. A kò gbọdọ̀ fi ẹni tó wà nítòsí rọ́pò rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ṣe tirẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ ní nọ́ọ̀sì 60 péré. Fọ́múlà fún un ní 53, fi 0.9 pín in, ó di 59. Kí ló fẹ́ ṣẹ́ kèké fún? Kó kúkú bi gbogbo wọn.

Àbúrò mi ti bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Lálẹ́ àná, nígbà tí àwọn alẹ́ ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀sán, ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù pẹ̀lú orúkọ lọ́wọ́.