Ojú Ewé Kan fún CHIP28

Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti ń ṣèwádìí nípa ohun abẹ̀mí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ wọn máa ń kóra jọ láti jọ tú ìwé ìwádìí kan wò. Ẹni tí iṣẹ́ bá kàn ni yóò ka ìwé náà dópin, tí yóò sì sọ ọ́ di ojú ewé kan ṣoṣo fún àwọn yòókù. Mo fẹ́ fi ìwé kan tí Gregory Preston, Peter Agre àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kọ jáde nínú jọ́nà Science lọ́dún 1992 ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ìbéèrè tí ìwé náà bá wá ni kí ó wà lókè pátápátá. Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti rí i pé omi ń yára wọ sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ju ohun tí awọ ọlọ́ràá sẹ́ẹ̀lì lásán lè gbà láàyè lọ. Wọ́n fura pé ojú ọ̀nà kan wà fún omi nínú awọ náà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tíì rí purotéènì tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn mú. Agre àti Preston, ní Yunifásítì Johns Hopkins, ní purotéènì kan lọ́wọ́ tó pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì pupa àti nínú kíndìnrín, tí wọn kò sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. CHIP28 ni wọ́n ń pè é. Ṣé òun ni ojú ọ̀nà omi náà? Gbólóhùn méjì tó fún gbogbo èyí. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ná ìdajì ojú ewé dànù sórí ìtàn.

Lẹ́yìn èyí, má ṣe da àkékúrú tí àwọn òǹkọ̀wé fúnra wọn kọ sójú ìwé wọn kọ. Àwọn àwòrán àbájáde ni kí o lọ bá, kí o wá èyí tó jẹ́ pé bí a bá yọ ọ́, ìwé náà yóò wó. Níhìn-ín, ti ẹyin àkèré ni. Awọ ẹyin yìí kì í gba omi wọlé púpọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi yàn án. Wọ́n gún RNA tó gbé àṣẹ CHIP28 sínú àwọn ẹyin kan, wọ́n sì dúró fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta kí ẹyin lè fúnra rẹ̀ ṣe purotéènì náà. Omi lásán ni wọ́n gún sínú àwọn ẹyin aláfiwé. Wọ́n wá kó gbogbo wọn sínú omi tí iyọ̀ rẹ̀ kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àwọn ẹyin tó ní CHIP28 wú, wọ́n sì bẹ́. Àwọn aláfiwé fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà.

Ẹ̀rí kejì wà tí kò gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé mákúrì máa ń dí ọ̀nà omi nínú sẹ́ẹ̀lì pupa. Nígbà tí wọ́n fi mákúrì sí ẹyin tó ní CHIP28, omi tó ń wọlé dín kù gan-an. Bí ojú ewé rẹ bá dúró síbẹ̀, ẹnì kan yóò sọ pé mákúrì májèlé ni, bóyá ó kàn pa ẹyin ni. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí o kọ apá kejì sí i: nígbà tí wọ́n fi kẹ́míkà mìíràn tú mákúrì kúrò, omi tún bẹ̀rẹ̀ sí yára wọlé. Ẹyin tó ti kú kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Wàyí o, wo gbólóhùn yìí: "CHIP28 ni ojú ọ̀nà omi." Kò sí nínú àbájáde ìwé náà. Ohun tí wọ́n rí ni pé ẹyin tó gba RNA CHIP28 ń fa omi ju aláfiwé lọ, pé mákúrì sì ń dí i lọ́nà tó ṣeé tú. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ó jọ pé CHIP28 jẹ́ ẹ̀yà tó ń ṣiṣẹ́ ojú ọ̀nà omi. Kọ méjèèjì sórí ìlà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, má sì yọ "ó jọ pé" kúrò. Ẹyin ní àwọn purotéènì tirẹ̀. Ó lè jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ni CHIP28 jí dìde. Ààlà ẹ̀rí náà nìyẹn. Lọ́dún 1992 kan náà, wọ́n fọ CHIP28 mọ́, wọ́n sì fi í sínú àpò ọ̀rá kéékèèké tí kò ní purotéènì mìíràn, omi sì yára kọjá. Ìlà kan ni èyí yóò gbà, kí o sì sọ pé inú ìwé mìíràn ló ti wá.

Agre gba ẹ̀bùn Nobẹ́ẹ̀lì nínú kẹ́mísírì lọ́dún 2003 nítorí iṣẹ́ yìí. Èmi kì í fi irú ìyẹn sójú ewé, nítorí tí àwọn ènìyàn bá ti rí i, wọn kì í yẹ ẹ̀rí wò mọ́. Ìbéèrè fún ìpàdé ni mo fi ń kún àyè tó kù nísàlẹ̀. Fún ìwé yìí: bí wọ́n bá gún RNA purotéènì awọ sẹ́ẹ̀lì mìíràn, tí kò jẹ mọ́ omi, sínú àwọn ẹyin aláfiwé dípò omi lásán, kí ni ẹ rò pé a óò rí, kí sì ni yóò fi kún ẹ̀rí náà?