Bátìrì ń tán, fóònù ń gbóná lẹ́yìn àpúdéètì: ṣé iṣẹ́ ló ń ṣe ni, àbí ó ti bàjẹ́?

Lẹ́yìn àpúdéètì ńlá, ẹjọ́ mẹ́ta làwọn èèyàn sábà máa ń gbé wá: bátìrì ń tètè tán, ẹ̀yìn fóònù ń gbóná, gbogbo nǹkan sì ń fà bí ìgbín. Ẹnì kan á ní kí ẹ fi í sílẹ̀, ara rẹ̀ á balẹ̀. Ẹlòmíì á ní ṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́ kí ẹ lè lọ ra tuntun. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé àmì kan náà ni iṣẹ́ tó máa parí àti àbùkù gidi máa ń ní. Torí náà, ẹ má wo àmì nìkan. Ẹ wo bó ṣe ń rìn láti ọjọ́ kan sí èkejì. Iṣẹ́ tó lópin máa ń dínkù. Àbùkù kì í dínkù.

Kí ni fóònù ń ṣe gan-an?

Bí áàpù ṣe wà nígbà tí a gbé e wálẹ̀ kọ́ ni ọpọlọ fóònù ṣe ń kà á. Áńdírọ́ídì gbọ́dọ̀ túmọ̀ rẹ̀ sí èdè tí ọpọlọ fóònù gbọ́, kó sì tọ́jú ìtumọ̀ náà pamọ́. Bí ètò tó ń darí fóònù bá yí padà, ọ̀pọ̀ lára ìtumọ̀ tó ti wà tẹ́lẹ̀ kò wúlò mọ́. Ó di dandan kó tún un ṣe.

Àwọn tó lo Áńdírọ́ídì 5 tàbí 6 á rántí bó ṣe máa ń rí. Fóònù á kọ "Optimizing app" sójú, á máa ka áàpù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ò sì ní lè lò ó títí yóò fi kà á tán. Láti Áńdírọ́ídì 7, tó jáde ní 2016, a kì í sábà dúró bẹ́ẹ̀ mọ́. Fóònù á tàn, a óò máa lò ó lọ, àmọ́ ọ̀pọ̀ ìtumọ̀ ṣì kù nílẹ̀. Bí ẹ bá ṣí áàpù tí kò tíì túmọ̀, ṣe ni yóò máa túmọ̀ rẹ̀ bí ẹ ṣe ń lò ó lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń fà, tó sì ń jẹ bátìrì.

Iṣẹ́ kejì ni ti atọ́ka. Ẹ mọ atọ́ka tó máa ń wà lẹ́yìn ìwé, tó ń sọ ojú ìwé tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wà. Fóònù náà ní tirẹ̀: fún fọ́tò, fún àtẹ̀jíṣẹ́, fún orúkọ àwọn èèyàn. Lẹ́yìn àpúdéètì, ó lè tún atọ́ka yìí kọ látìbẹ̀rẹ̀, á máa yẹ fọ́tò wò lọ́kọ̀ọ̀kan kó lè mọ ojú ta ló wà níbẹ̀. Áífóònù náà máa ń ṣe é. Ẹni tó ní fọ́tò 300 lè má mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ní 15,000 yóò mọ̀ dáadáa.

Ìdí tí tiwa fi máa ń pẹ́

Apá yìí kàn wá gan-an nílé. Kí fóònù má bàa dí wa lọ́wọ́, wọ́n ṣètò púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí fún àsìkò tí ohun méjì bá pé: kí fóònù wà lórí iná, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kàn án fún àkókò tó gùn díẹ̀. Àwọn tó ṣe é ní ẹni tó ń fi fóònù sí iná lálẹ́, tó sì ń sùn, lọ́kàn.

Báwo wá ni ti ẹni tí iná ìjọba kì í wá ládùúgbò rẹ̀ lálẹ́? Ó fi fóònù sí iná fún 40 ìṣẹ́jú nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, ó sì ń wo fídíò lórí ẹ̀ bó ṣe wà lórí iná. Ohun méjèèjì kò pé rí. Iṣẹ́ tó yẹ kó parí láàárín òru méjì tàbí mẹ́ta lè wá fà dé ọ̀sẹ̀ méjì, kí onífóònù sì gbà pé ó ti bàjẹ́. Bí fóònù bá sì gbóná jù, ó máa ń dá iṣẹ́ náà dúró fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fi í sábẹ́ ìrọ̀rí kàn ń sún ọjọ́ síwájú ni.

Nítorí náà, kí ẹ tó dájọ́, ẹ fún un ní òru mẹ́ta gidi: kó wà lórí iná, lórí ibi tó tutù, kí ẹ má fọwọ́ kàn án fún bíi wákàtí mẹ́ta ó kéré tán. Ẹni tó bá ní láptọ́ọ̀pù, tó sì ti fi adb sí i, lè fi okùn so ó pọ̀, kó sì pàṣẹ kí ìtumọ̀ áàpù bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀:

```
adb shell cmd package bg-dexopt-job
```

Fóònù kan, àìsàn méjì

Àbúrò mi obìnrin gbé Áńdírọ́ídì rẹ̀ wá bá mi ní ọjọ́ kejì tó ṣe àpúdéètì. Fóònù náà ti pé ọdún mẹ́ta. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wò ó, àpúdéètì yìí ti pa bátìrì mi." Ó kúrò nílé ní aago méje àárọ̀ pẹ̀lú 100%, nígbà tó fi máa di aago kan ọ̀sán, ó ti ku 35%. Ó ń gbóná, Wáàsáàpù ń fà, ó sì ti kú lójijì lẹ́ẹ̀kan nígbà tó ṣí kámẹ́rà.

A fún un ní òru mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, pẹ̀lú irú ìlò kan náà, aago kan ọ̀sán bá a ní 62%. Ìgbóná lọ, fífà lọ. Àmọ́ nígbà tí bátìrì dé 28%, ó ṣí kámẹ́rà, fóònù sì tún kú. Iṣẹ́ tó lópin ti parí. Ohun tó ṣẹ́kù kì í ṣe ti àpúdéètì rárá.

Bátìrì tó bá ti gbó máa ń ní ìdíwọ́ púpọ̀ nínú ara rẹ̀. Ẹ rò ó bí páìpù omi tí ìdọ̀tí ti há sí: omi ṣì wà nínú táǹkì, àmọ́ bí ẹ bá ṣí ẹ̀rọ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀ ni yóò máa jáde. Ká ní bátìrì wà ní fóòtì 3.75, kámẹ́rà àti iṣẹ́ mìíràn sì bèèrè áńpíà 2 lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ ká fi bátìrì tuntun tí ìdíwọ́ rẹ̀ jẹ́ 0.1 wé èyí tó ti gbó dé 0.3:

```
3.75 - (2 × 0.1) = 3.55
3.75 - (2 × 0.3) = 3.15
```

Fóònù lè ṣiṣẹ́ lórí 3.55. Ní 3.15, yóò pa ara rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 28% ló wà lójú rẹ̀. Àpúdéètì kọ́ ló ba bátìrì yẹn jẹ́. Ẹrù tó gbé lé e lórí ló jẹ́ ká mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́. A pààrọ̀ bátìrì náà, kíkú ojijì sì dópin.

Àpúdéètì tó jẹ̀bi lóòótọ́

Ìgbà míì wà tí dídúró kò lè wo nǹkan kan sàn. Ní 2017, iléeṣẹ́ Ápúlù fi iOS 10.2.1 dín iyára àwọn áífóònù kan tí bátìrì wọn ti gbó kù, kí wọ́n má bàa máa kú lójijì bíi ti àbúrò mi. Wọn kò ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké fáwọn tó ni fóònù. Nígbà tí aṣírí tú ní oṣù Kejìlá ọdún náà, wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n sì dín owó pípààrọ̀ bátìrì kù láti dọ́là 79 sí 29. Fífà irú èyí kì í lọ fúnra rẹ̀. Bátìrì tuntun ló ń wò ó sàn.

Ní 2023 ẹ̀wẹ̀, áífóònù 15 Pro ń gbóná jù bó ṣe yẹ. Ápúlù gbà pé àṣìṣe wà nínú iOS 17, wọ́n sì ní àwọn áàpù kan, Ínsítágíráàmù wà lára wọn, ń da ẹrù jù sórí rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá, iOS 17.0.3 jáde láti tún àṣìṣe náà ṣe. Irú àbùkù yìí, àpúdéètì mìíràn ni oògùn rẹ̀.

Bí ẹ ṣe lè dán an wò

Bí òru mẹ́ta bá kọjá tí nǹkan kò dínkù, ẹ ṣe ìdánwò yìí. Ẹ jẹ́ kí bátìrì kún, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí iná, ẹ pa dátà àti Wáìfáì, kí ẹ sì gbé e kalẹ̀ fún wákàtí mẹ́jọ. Bí 2% sí 5% bá lọ, kò sí wàhálà. Bí 20% bá lọ, nǹkan kan wà tí kò sùn.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ẹ tún un ṣe nínú Safe mode. Lórí ọ̀pọ̀ Áńdírọ́ídì, ẹ ṣí ibi tí a ti ń pa fóònù, kí ẹ tẹ Power off mọ́lẹ̀ títí Safe mode yóò fi yọjú. Níbẹ̀, áàpù tí ẹ gbé wálẹ̀ fúnra yín kò ní ṣiṣẹ́. Bí jíjẹ bátìrì bá dáwọ́ dúró, ọ̀kan lára wọn lẹ ń wá. Ẹ lọ sí Settings, ẹ ṣí Battery, ẹ wo èyí tó ń jẹun jù, ẹ ṣe àpúdéètì rẹ̀ tàbí kí ẹ yọ ọ́. Bí kò bá dáwọ́ dúró, ètò fóònù tàbí bátìrì fúnra rẹ̀ ni.

Ohun kan wà tí a kì í dúró dè rárá: bí ẹ̀yìn fóònù bá wú tàbí tí ojú rẹ̀ ń ṣí kúrò lára rẹ̀, ẹ pa á, ẹ má fi í sí iná mọ́, ẹ má tẹ ibi tó wú, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n yọ.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sáré nu gbogbo ohun tó wà nínú fóònù yín nù lọ́jọ́ kejì àpúdéètì. Áàpù á wálẹ̀ lọ́tun, fọ́tò á padà wọlé, ìtumọ̀ àti atọ́ka á tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ooru tí ẹ ń sá fún gan-an nìyẹn.