Èlé Kékeré, Òwò Rẹ Ńkọ́?

Ní 2015, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé ètò ẹ̀yáwó kan kalẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀. Èlé rẹ̀ jẹ́ 9 nínú 100 lọ́dún. Nígbà tí àrùn kòrónà dé ní 2020, wọ́n tún dín in kù sí 5 fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó bá ti yáwó ní báńkì rí á mọ̀ pé ẹ̀bùn nirú owó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn náà tó èló? Bí òwò bá sì jèrè, ṣé òwò ló jèrè ni, àbí èlé ló gbé e sókè?

Ọ̀nà ìṣirò kan wà tó ń dáhùn ìbéèrè yìí. Stewart Myers, onímọ̀ ìṣúná ní ilé ẹ̀kọ́ MIT ní Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde ní 1974. Ẹ jẹ́ ká pè é ní iye òní alátùn-únṣe. Kọ́kọ́ ṣírò òwò bí ẹni pé kọ́bọ̀ kan kò ti ọwọ́ báńkì wá. Lẹ́yìn náà, ṣírò ohun tí ẹ̀yáwó fi kún un àti ohun tó yọ nínú rẹ̀, lọ́tọ̀. Kó wọn pọ̀ ní ìkẹyìn.

Ká ní ìyá kan ní Ìjẹ̀bú fẹ́ dá ilé iṣẹ́ gààrì sílẹ̀. Ẹ̀rọ, àgbàdá àti ilé yóò gba ₦30,000,000. Lẹ́yìn gbogbo ìnáwó, ₦10,500,000 ni yóò máa kù lọ́dún, fún ọdún márùn-ún. Owó ọdún tó ń bọ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ owó òní. Bí irú òwò eléwu báyìí bá gbọ́dọ̀ mú 25 wá lórí 100 lọ́dún, ₦100,000 ọdún tó ń bọ̀ kò ju ₦80,000 òní lọ. Tí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn owó ọdún márààrún, ₦28,240,000 ni gbogbo rẹ̀ lónìí. Owó tí òwò yóò gbà jù ú lọ pẹ̀lú ₦1,760,000. Òwò náà fúnra rẹ̀ kò pé.

Ẹ̀yáwó ló kù. Ìjọba ní kí ìyá gba ₦10,000,000 ní èlé 9, kó san ₦900,000 lọ́dún fún ọdún mẹ́rin, kó sì dá ojú owó padà lẹ́ẹ̀kan ní ìparí ọdún kẹrin. Báńkì tí kò ní àánú ìjọba lẹ́yìn ì bá gba 24 lọ́wọ́ rẹ̀. Òṣùwọ̀n 24 yìí la fi ń wọn owó tí yóò san, kì í ṣe 9. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe, nítorí bí a bá fi 9 wọn ẹ̀yáwó èlé 9, ẹ̀bùn yóò pòórá nínú ìṣirò. Pẹ̀lú 24, gbogbo ohun tí yóò san kò ju ₦6,390,000 òní lọ. Ó gba mílíọ̀nù mẹ́wàá, ó san mílíọ̀nù mẹ́fà àti díẹ̀: ẹ̀bùn rẹ̀ jẹ́ ₦3,610,000.

Àwọn ìwé máa ń fi owó orí tí èlé dín kù kún un. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ kékeré tí kì í san owó orí iléeṣẹ́ ní Nàìjíríà kò ní nǹkankan gbà níbẹ̀.

Ìnáwó ìwé àti onídùúró gba ₦500,000. Yọ àdánù òwò àti ìnáwó yìí kúrò nínú ẹ̀bùn, ₦1,350,000 ló kù. Ìyá lè bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kó mọ̀ pé ìjọba ló gbé òun, kì í ṣe gààrì. Ẹ kò gbọdọ̀ tún yọ èlé kúrò nínú ₦10,500,000 ọdọọdún o; ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti ka èlé lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀bùn náà sì ní àdéhùn. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yáwó yìí kò ṣeé gbà àfi fún gààrì, ti òwò gààrì ni. Bí ìyá bá lè gba owó kan náà fún ọ̀sìn adìyẹ, ẹ̀bùn náà ti di tirẹ̀, kì í ṣe ti gààrì, kò sì yẹ kó fi gba òwò tí kò pé là.

Báńkì míì á tún ní kí o fi ₦2,000,000 pamọ́ sọ́dọ̀ àwọn, láìsí èlé, títí o fi san gbèsè tán. Owó tí a óò dá padà lẹ́yìn ọdún mẹ́rin yẹn kò ju ₦850,000 òní lọ, àdánù ₦1,150,000 nìyẹn. Nínú ₦1,350,000 ìyá wa, ₦200,000 péré ló kù. Ẹ ka ìwé àdéhùn yín dé ojú ìwé tó kẹ́yìn kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Níbẹ̀ ni irú ìlànà bẹ́ẹ̀ máa ń sá pamọ́ sí.