Bí Ọ̀ràngún Ṣe Di Ìnàkí: Àlàyé lórí Àtúnṣe Aládàáṣe

Àtúnṣe aládàáṣe ni iṣẹ́ tí kíbọ́ọ̀dù fóònù ń ṣe nígbà tí ó bá fi ọ̀rọ̀ mìíràn rọ́pò èyí tí a tẹ̀, láìjẹ́ pé a ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ń kọ̀wé sí àwọn ẹbí mi pé kí a pàdé ní iwájú ààfin Ọ̀ràngún ní Ìlá. Mo tẹ `Orangun`, mo fi àlàfo sí i, ó sì di `Orangutan`, èyí tí í ṣe orúkọ ìnàkí onírun pupa kan ní ilẹ̀ Éṣíà. Mo ti fi ránṣẹ́ kí n tó rí i. Àbúrò bàbá mi kò kọ èsì, ńṣe ni wọ́n pè mí: “Ṣé Kábíyèsí ni ìwọ ń pè ní ìnàkí?”

Kíbọ́ọ̀dù ní àkójọ ọ̀rọ̀ èdè tí a yàn fún un. Bí kò bá rí ohun tí a tẹ̀ níbẹ̀, yóò wá èyí tí ó sún mọ́ ọn jù. Lẹ́tà méjì péré ni ó ya `Orangun` àti `Orangutan` sọ́tọ̀. Ó tún máa ń wo ibi tí ìka lè ti yẹ̀. `Isinro`, orúkọ ọdún pàtàkì kan ní Ìlá, lè di `Is into`, nítorí pé r àti t fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, ó sì lè gbà pé a gbàgbé àlàfo. Bí a bá tètè rí àyípadà náà lórí Gboard, kí a tẹ bọ́tìnnì ìparẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí a má tíì tẹ ohun mìíràn. Ọ̀rọ̀ wa yóò padà.

Láti kọ́ ọ ní orúkọ, ẹ ṣí ètò Gboard, kí ẹ lọ sí `Dictionary`, lẹ́yìn náà `Personal dictionary`. Ẹ yan `All languages` bí ẹ bá máa ń kọ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì pọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, abẹ́ èdè kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ náà yóò wà. Ẹ tẹ àmì `+`, kí ẹ kọ `Ọ̀ràngún`, kí ẹ sì fi `orangun` ṣe ìkékúrú rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ẹ bá tẹ ìkékúrú yìí, orúkọ tí ó ní àmì yóò hàn lókè kíbọ́ọ̀dù kí ẹ lè mú un. Ṣùgbọ́n ẹ tún fi `Orangun` aláìlámì sínú rẹ̀ lọ́tọ̀: ojú ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n, ọ̀kan kò sì lè gba èkejì sílẹ̀. Ní ti Ìlá, n kò fi `ila` ṣe ìkékúrú rẹ̀, nítorí pé ilá ọbẹ̀ àti ìlà ojú náà ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ bí kò bá sí àmì. `iila` ni mo lò.

Kíbọ́ọ̀dù a tún máa kọ́ àṣìṣe wa. Bí ẹ bá ti ń tẹ `Orangin` léraléra, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi lọ̀ yín. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ níbi tí ó ti hàn lókè, kí ẹ wọ́ ọ lọ sínú àwòrán apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí. `Delete learned words and data` a máa pa gbogbo ohun tí ó ti kọ́ rẹ́, rere àti búburú. Kí ó jẹ́ ohun tí a óò ṣe kẹ́yìn.

Ọ̀kan wà tí ó dà mí láàmú fún ìgbà pípẹ́. Mo fi `Ọ̀ràngún` sínú àkójọ, síbẹ̀ ẹ̀rọ ń fa ìlà pupa sí abẹ́ rẹ̀. Kò sí kóòdù kan ṣoṣo fún Ọ tí ó ní àmì ohùn ìsàlẹ̀. Ìsopọ̀ ni a fi ń kọ ọ́, ọ̀nà ìsopọ̀ náà sì ju ọ̀kan lọ:

```
U+1ECC U+0300
U+004F U+0323 U+0300
```

Ní òkè, Ọ tí ó ti ní àmì ìsàlẹ̀ ni a fi àmì ohùn kún. Ní ìsàlẹ̀, O lásán ni, àmì méjèèjì sì tẹ̀ lé e. Ojú ènìyàn kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn. Ìlànà Unicode kà wọ́n sí ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n ètò tí kò bá sọ wọ́n di irú kan kí ó tó fi wọ́n wéra yóò kà wọ́n sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìdánwò rẹ̀ kò le: ní ọ̀pọ̀ fóònù Android, bí ẹ bá fi kọ́sọ̀ sí ẹ̀yìn lẹ́tà náà tí ẹ sì ń pa á rẹ́, ìtẹ̀ méjì ni ti òkè yóò gbà, mẹ́ta ni ti ìsàlẹ̀. Ibi tí mo ti ṣì í ni pé orí ìkànnì kan ni mo ti ṣe àdàkọ orúkọ náà. Mo pa á rẹ́ kúrò nínú àkójọ, mo fi kíbọ́ọ̀dù tí mo ń lò lójoojúmọ́ tẹ̀ ẹ́ sí i ní tuntun, ìlà pupa sì kúrò.