"Omi Yóò Dé Láìpẹ́"

Mo sùn sí ilé ìtura kan n'Ibàdàn, ọṣẹ ṣì wà lára mi nígbà tí omi dá. Nígbà tó yá, wọ́n ti ìwé pélébé kan gba abẹ́ ilẹ̀kùn: "Ẹ má bínú, omi yóò dé láìpẹ́." Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ó tó dé. Ká ní wọ́n ti sọ fún mi nírọ̀lẹ́ ni, garawa kan ni ǹ bá ti pọn sílẹ̀.

Iná tó lọ ló sábà máa ń mú omi lọ, nítorí iná ni pọ́ǹpù fi ń fa omi láti inú ilẹ̀ sínú táǹkì. Jẹnẹrétọ̀ lè máa ṣiṣẹ́, kí gílóòbù tàn, síbẹ̀ kí omi má sí. Bí pọ́ǹpù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbéra, iná tó ń fà máa ń tó ìlọ́po mélòó kan èyí tó ń lò bó bá ti ń yí. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ti ru ẹ̀rọ amúlétutù kò lè gbà á. Àlejò tí kò mọ èyí á rò pé wọ́n ń rẹ́ òun jẹ ni. Ó yẹ kí ìkéde ṣàlàyé rẹ̀.

Ká sọ pé pọ́ǹpù jóná, àlejò 30 ló wà nílé, omi tó kù nínú táǹkì sì jẹ́ lítà 2,000. Ẹni tó bá fi ṣáwà wẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lè lo 90 lítà. Bí gbogbo wọn bá ṣe bẹ́ẹ̀, 2,700 ni: táǹkì á gbẹ kó tó kan àwọn tó gbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n garawa onílítà 20 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan kò ju 600 lọ, 1,400 á sì kù fún ilé ìgbẹ́ àti ilé ìdáná. Nítorí náà, kí wọ́n ti omi yàrá pa kíákíá, kí wọ́n sì kọ ọ́ báyìí:

"Ẹ̀yin àlejò wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Pọ́ǹpù wa jóná ní aago 4 ìrọ̀lẹ́ yìí. A ti ti omi yàrá pa. Kí aago 8 tó lù, a ó gbé garawa omi kan wá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan láti fi wẹ̀, a ó sì gbé ti ilé ìgbẹ́ wá lọ́tọ̀. Ọkọ̀ olómi ń bọ̀ ní aago 6 àárọ̀. Bí kò bá dé, a ó padà wá bá yín sọ̀rọ̀ ní aago 7. Ẹni tó bá fẹ́ omi gbígbóná, kó pe òṣìṣẹ́ tó wà níbi ìgbàlejò."

Aago 7 yẹn ni mo fẹ́ràn jù níbẹ̀. Ọkọ̀ olómi lè já wọn kulẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n fẹ́ kọ wà lọ́wọ́ tiwọn.

Ohun kan ṣì wà tí wọ́n sábà máa ń gbàgbé: "Ẹ dákun, ẹ ti ẹnu ẹ̀rọ omi yín pa kí ẹ tó jáde." Àlejò á ṣí i, kò ní rí omi, á sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Bí omi bá dé lẹ́yìn rẹ̀, orí kápẹ́ẹ̀tì ni yóò ti bá a.